Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ba ọjà báàgì mi jẹ́, àti bí mo ṣe tún un kọ

Náírà 35,000 ni mo fi ọwọ́ ara mi kà fún onítẹ̀wé, ìwé tó sì tẹ̀ fún mi ló lé oníbàárà mi lọ. Mo ń sọ ọ́ báyìí inú ṣì ń bí mi. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí Ojúde Ọba nígbà yẹn, èmi tí mò ń rán báàgì awọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àsìkò tó yẹ kí n pawó gan-an nìyẹn, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ti wọ ẹgbẹ́jọdá wọn tí wọ́n ń tò lọ síwájú Awùjalẹ̀, kò sí obìnrin tó fẹ́ gbé báàgì tó gbé lọ́dún tó kọjá. Mo wá tẹ háńbíìlì 500. Ohun tí mo kọ sórí ẹ̀ gàdàgbà ni BÁÀGÌ ṢÍÌPÙ, ỌJÀ Ọ̀PỌ̀.

Ìyá kan wá, àwọn ló ń bá ẹgbẹ́ wọn ra nǹkan, 40 báàgì ni wọ́n ń wá. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ rún awọ ẹ̀, wọ́n fa sípù ẹ̀ lọ fa á bọ̀ bí ìgbà mẹ́ta, wọ́n wá fa okùn ẹ̀ títí àyà mi fi ń já. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ní já mọ́ wa lọ́wọ́ níwájú Kábíyèsí?" Mo ní màámi, awọ gidi ni o, òwú oníṣẹ́po méjì ni mo fi rán an, sípù irin ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́ síbí pé ṣíìpù. Ṣé ká ná irú owó yẹn sórí aṣọ, ká wá gbé ohun ṣíìpù tì í?" Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Náírà 12,000 ni mò ń ta tèmi. Mo padà gbọ́ pé ibòmíì ni wọ́n ti ra ti 18,000, mo sì rí báàgì ọ̀hún nígbà tó yá, sípù rọ́bà ló wà lára ẹ̀!

Ó dùn mí dé egungun. Kì í ṣe báàgì ni ìyá yẹn kọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i lọ́rùn ni wọ́n kọ̀. Mi ò ní máa ṣàlàyé bí mo ṣe ń gé awọ tàbí bí mo ṣe ń ṣírò owó, ẹni tó ń rán báàgì mọ gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mo jókòó tì fún ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ pé owó nǹkan ò ga.

Èyí tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì ni "pọ̀". Màámi ń ta gaàrí, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé "ó pọ̀ o, ẹ wá rà á", àwọn èèyàn á sì sáré wá, kò sẹ́ni tó ń rò pé gaàrí náà ò dáa. Ibẹ̀ ni mo ti kó o. Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́ fún wọn tí kò ṣiṣẹ́ fún mi? Mo rò ó títí, mo wá rí i pé kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọn gaàrí, tí wọ́n bá ní ó pọ̀, ohun tí oníbàárà gbọ́ ni pé kọ́ńgò máa kún dáadáa, á pọ̀ nílé, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi kọ́ńgò wọn báàgì? Ẹyọ kan ni obìnrin á gbé jáde, tí mo bá wá ní ó pọ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pé ó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, pé bí òun ṣe ń gbé e lọ ni ẹlòmíì á máa gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, ohun tí wọ́n ń rà ló yí i padà.

Mo wá pín àwọn tó kù sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ owó, bíi owó pọ́ọ́kú, ẹ̀dínwó, owó tó bá àpò yín mu, owó tí kò ni yín lára. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọjà fúnra ẹ̀, yẹpẹrẹ, jákujàku, gbàrọgùdù. Ẹ wò ó dáadáa, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "owó jákujàku", ọjà ni jákujàku. "Ṣíìpù" ní tiẹ̀ ò ní ilé kan, ó lè bọ́ sórí owó, ó lè bọ́ sórí ọjà, kódà ó lè bọ́ sórí èèyàn, tí wọ́n bá ní obìnrin kan ṣíìpù ẹ mọ̀ pé èébú ni. Ìdí nìyẹn tó fi burú láti fi í síwájú orúkọ báàgì. Ká ní mo kọ "owó báàgì wa ò ga" ni, owó ni mo rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, báàgì dúró sí àyè ẹ̀. "Báàgì ṣíìpù" tí mo kọ, báàgì gan-an ni mo fà lulẹ̀.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń dán ọ̀rọ̀ wò báyìí, mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú, màá wá fi ohun rere kan tẹ̀lé e, màá gbọ́ bóyá "ó sì" ni ẹnu mi fẹ́ tàbí "àmọ́". "Owó ẹ̀ ò ni yín lára, ó sì lágbára." Ó yọ̀ jáde lẹ́nu. "Ó ṣíìpù, ó sì lágbára." Ẹ gbọ́ bó ṣe há? Ẹnu fẹ́ sọ pé "ó ṣíìpù, àmọ́ ó lágbára." Ọ̀rọ̀ tó bá ti ń wá "àmọ́", ó ti sọ ohun burúkú fún oníbàárà tẹ́lẹ̀, ìwọ lo wá ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mo fi dán "pọ́ọ́kú" wò, ó gba "ó sì", àmọ́ ó ní kí n kọ iye owó sí i, torí gbogbo ẹni tó ń polówó nínú rédíò ló ń sọ owó pọ́ọ́kú, tí èèyàn ò bá rí iye rẹ̀ níbẹ̀ kò ní gbà á gbọ́. "Ẹ̀dínwó" náà gbà á, ṣùgbọ́n irọ́ ló máa jẹ́ lẹ́nu tèmi, mi ò tà á lówó tó ju 12,000 lọ rí, kí ni mo fẹ́ dín? Tí o bá tún ń kọ ẹ̀dínwó lójoojúmọ́, wọ́n á ní ọjà gbàǹjo ni, pé ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó tàn mí jẹ, mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù kí n tó gbọ́n: "báàgì mẹ̀kúnnù". Ọkàn rere ni mo fi kọ ọ́. Àǹtí kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi láti Ṣàgámù fèsì pé, "Ta ni mẹ̀kúnnù?" Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Owó ni kó kéré, kì í ṣe ẹni tó ń rà á.

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tán, ibi ìtẹ̀wé ló wá fẹ́ pa mí. Tèmi ò kúkú mọ̀ pé háńbíìlì àkọ́kọ́ ní àrùn kejì lára: wọn ò fi àmì ohùn sí i, wọn ò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, OJA OPO ni wọ́n tẹ̀. Ẹ kà á. Obìnrin kan ti bi mí tẹ́lẹ̀ pé ṣé ọjà àwọn opó ni mò ń bá wọn tà, mo rò pé kò gbọ́ mi yé ni, àṣé ohun tó rí lórí ìwé ló kà.

Mo padà lọ bá onítẹ̀wé, mo ní lọ́tẹ̀ yìí gbogbo àmì gbọ́dọ̀ wà. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ń wo àmì?" Mo ní èmi ń wò ó. Ó tẹ àpẹẹrẹ kan jáde, níbi tí ohùn ti yẹ kó wà lórí ọ, àpótí kékeré ló wà níbẹ̀, òfìfo. Mo padà lọ́jọ́ kejì, ohùn ti wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti sún sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kejì. Ọjọ́ kẹta ó ní iná ò sí. Ìgbà ẹ̀kẹrin ni mo tó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ kọ̀ǹpútà lọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ tó ní àmì lábẹ́ ní àyè tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀ àti ọ́ ò ní, ńṣe ni wọ́n ń gbé ohùn lé e lórí lọ́tọ̀, irú lẹ́tà tí wọn ò bá ṣe é sí á gbé e sí ibi tó bá wù ú. Ó yí i sí irú lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní Noto Sans, gbogbo ẹ̀ jókòó. Ó tún fi í ránṣẹ́ bíi PDF tí lẹ́tà ti wà nínú ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà onítẹ̀wé má baà pààrọ̀ ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko lórí àmì! Ká ní mo béèrè PDF lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, màá ti rán báàgì mẹ́wàá sí i.

Ohun tí mo tẹ̀ nígbẹ̀yìn nìyí, 200 péré lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ya wèrè:

Àpò awọ gidi, sípù irin, òwú oníṣẹ́po méjì.
₦12,000. Owó àpò tó bá àpò yín mu.
Ọwọ́ ẹni tó rán an lẹ ti ń rà á, kò gba ọ̀dọ̀ alágbàtà.

Mo fẹ́ràn ìlà kejì yẹn gan-an, ara mi yá gágá lọ́jọ́ tó bọ́ sí mi lọ́kàn. Ìlà kẹta ló sì ṣiṣẹ́ jù lọ, torí tí owó bá kéré tí o ò sọ ìdí ẹ̀, oníbàárà á wá ìdí fúnra ẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé ọjà náà ní àléébù.

Ẹgbẹ́ mìíràn ló wá, wọ́n gbé 26. Ìyá àkọ́kọ́ yẹn ò padà wá, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ tuntun náà fa sípù o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, irin ni." Wọ́n kà á látorí ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Mi ò tíì sọ "pọ̀" nù o. Mo ń rán báàgì fún àwọn ọmọ iléèwé báyìí, àwọn ìyá tó ń rà á ní ọmọ mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin, wọn ò wá iyì níbẹ̀, iye tí owó wọn máa kó ni wọ́n ń wò. Lórí ìyẹn, ó pọ̀ ni mo kọ, àmọ́ mo fi àmì abẹ́ àti ohùn sí i dáadáa.