Fọ́múlà ní kí n ta 14%, owó mi sì di ìdajì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Sábó ní Ìkòròdú ni mo ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo kọ tíkẹ́ẹ̀tì 60 sínú ìwé, 33 nínú wọn jẹ, ìyẹn 55%. Ọ́ọ̀dì 2.10 ni mo máa ń mú. Mo fi wọ́n sínú fọ́múlà Kelly, ó ní kí n máa ta 14% owó mi. ₦200,000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì 30, ó ku nǹkan bí ₦98,000. Ṣé irọ́ ni fọ́múlà yẹn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe irọ́, àbúrò, ìṣirò rẹ náà sì péye. Mo tún un ṣe:

```
f = (b*p - q) / b
f = (1.10*0.55 - 0.45) / 1.10 = 0.141
```

f ni ìdá owó rẹ tí wàá ta, b ni èrè tí náírà kan máa mú bọ̀ (ọ́ọ̀dì 2.10, yọ 1 kúrò), p ni ìṣeéṣe pé tíkẹ́ẹ̀tì máa jẹ, q ni ìṣeéṣe pé ó máa gé. John Kelly, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìmọ̀ yìí jáde ní 1956. Ohun tó sọ ni pé bí p bá jẹ́ òótọ́, ìdá yìí ló máa mú owó rẹ dàgbà yára jù lọ bí o bá ń ta á lọ́pọ̀ ìgbà. Inú "bí p bá jẹ́ òótọ́" yẹn ni owó rẹ ti lọ.

Wò ó báyìí. Mú owó ẹyọ kan tí kò ní màgòmágó, kí o jù ú sókè nígbà 60. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 26 nínú wọn ló máa rí orí nígbà 33 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ 50% ni owó ẹyọ yẹn jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì 60 kéré. Ibi tí p rẹ gan-an lè wà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 42% títí dé 68%. Ní ọ́ọ̀dì 2.10, 47.6% ni ojú ìlà: bí p bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òfò ni. Ìwé rẹ kò tíì lè sọ fún ọ pé o ti kọjá ìlà yẹn.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí p mi bá fi díẹ̀ dín sí 55%, ṣé èrè mi kò kàn ní dín díẹ̀ ni? Kí ló dé tí owó fi bọ́ sílẹ̀ báyẹn?

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Àṣìṣe sókè àti àṣìṣe sísàlẹ̀ kì í ṣe ọgbọọgba. Bí o bá ta ìdajì iye tó yẹ, o ṣì máa rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdàgbàsókè owó náà. Bí o bá ta ìlọ́po méjì iye tó yẹ, ìdàgbàsókè náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Bí o bá kọjá ìlọ́po méjì, owó rẹ á máa rẹ̀ sílẹ̀, kódà bí tẹ́tẹ́ náà bá dára fún ọ.

Ká ní 50% ni p rẹ gan-an. Tẹ́tẹ́ tó dára nìyẹn ní ọ́ọ̀dì 2.10, torí ó ga ju 47.6% lọ. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ kí o ta jẹ́ 4.5% péré. O ń ta 14%, ìlọ́po mẹ́ta. Jẹ́ ká fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì 100, 50 jẹ, 50 gé. Pẹ̀lú 14%, ₦200,000 á di nǹkan bí ₦135,000. Bí o bá ta ìdajì ohun tí fọ́múlà sọ (7%), á di nǹkan bí ₦216,000. Bí o bá ta ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ (3.5%), á di nǹkan bí ₦223,000. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni o, ọ́ọ̀dì kan náà, ìmọ̀ bọ́ọ̀lù kan náà.

Nínú 30 tìrẹ, iye owó tó kù sọ fún mi pé 13 jẹ, 17 gé. Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Ẹni tí p rẹ̀ jẹ́ 50% máa ń rí irú ẹ̀. Pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin, nǹkan bí ₦178,000 ni ì bá kù lọ́wọ́ rẹ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú dín p sí 53% ni, kí n wá ta Kelly kíkún?

Ìdáhùn: O lè ṣe é. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣiṣẹ́, torí dídín p kù máa dín f kù. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo yàn, ìdí rẹ̀ sì ni èyí: kì í ṣe gbogbo eré lo ń ta. Àwọn eré tí p tìrẹ ti ga ju èyí tí ọ́ọ̀dì ilé tẹ́tẹ́ fi hàn lọ nìkan lo ń mú. Àwọn eré wọ̀nyẹn gan-an ni àṣìṣe rẹ ti ṣeé ṣe kó pọ̀ sókè jù, torí bí o bá ṣe àṣìṣe sísàlẹ̀, o ò ní ta eré náà rárá. Bí ó bá ṣe ń dà bíi pé eré kan dùn tó, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe fura sí p rẹ tó.

Ohun mìíràn ni ọkàn rẹ. Pẹ̀lú Kelly kíkún, kódà bí p bá péye, nǹkan bí ìdajì ni ìṣeéṣe pé lọ́jọ́ kan owó rẹ á já sí ìdajì ohun tí o fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ìdajì Kelly, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ni.

Ìbéèrè: Lọ́jọ́ Sátidé, eré mẹ́ta ni mo máa ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé iye kan náà ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Rárá. Fọ́múlà yìí rò pé o ta ọ̀kan, o rí èsì, o ka owó rẹ, kí o tó ta èkejì. 14% lọ́nà mẹ́ta ti gbé 42% owó rẹ jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù. Bí o bá sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, àṣìṣe p rẹ á di púpọ̀: 55% lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ ní 16.6%, 50% lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ ní 12.5%. Mi ò ní so wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni mo lè kúrò lórí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sí ìdajì?

Ìdáhùn: Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá pé 400 tí o sì ṣì wà ní 55%, p rẹ á wà láàárín nǹkan bí 50% sí 60%. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kọjá 47.6% nígbà yẹn, mi ò sì ní bá ọ jà bí o bá lọ sí ìdajì. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tó máa ń tètè hàn ju èsì eré lọ. Fa ìlà kan sí i nínú ìwé rẹ: kọ ọ́ọ̀dì tí o mú sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́ọ̀dì eré náà nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbá a. Bí tìrẹ bá sábà ń ga ju ti ìparí lọ, bíi 2.10 tó di 1.95, ojú rẹ ríran. Bí ó bá jẹ́ pé 2.10 ló ń di 2.25, dúró, má ta Kelly kankan títí wàá fi mọ ìdí rẹ̀.