Yáàdì márùn-ún tí mo pa láró, àti ohun tí mo fẹ́ bi yín

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, sà. Ẹ kú ọjà Gbàgì. Ṣé àlàáfíà ni Màmá àtàwọn ọmọ wà?

Nígbà tí mo ní kí ẹ bá mi wá òwò tí mo lè máa ṣe mọ́ iṣẹ́ oṣù mi, ẹ ní kí n kọ́kọ́ dán ọ̀kan wò, kí n sì mú ìṣirò rẹ̀ wá. Mo ti ṣe é, sà. Àdìrẹ oníko ni mo mú, nítorí aago márùn-ún ni mo ń kúrò níbi iṣẹ́, èèyàn sì lè fi ìko di aṣọ lálẹ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni aró ń gbà.

Mo ra kọ́tìnnì funfun yáàdì márùn-ún ní Ọjà Ọba, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, mo fọ ṣitáàṣì inú rẹ̀ kúrò, torí aró kì í wọ aṣọ tó bá ṣì le. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi dì í.

Báfù oníke ni mo lò, nítorí kọ́sítìkì sódà máa ń jẹ abọ́ alumíníọ́ọ̀mù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo da sódà sínú omi. Omi kọ́ ni wọ́n ń dà lé sódà, ó lè ta síni lójú. Lẹ́yìn náà ni mo fi aró sí i, àti haidirọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú kí aró jinná.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Haidirọ́ọ̀sì tí mo rà ti fa ọ̀rinrin, agbára rẹ̀ ti lọ. Omi náà dúdú bí yíǹkì, aṣọ tí mo fi dán an wò yọ jáde ní búlúù lójú ẹsẹ̀, mo sì yọ̀. Nígbà tí mo ṣàn án, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Ìyá aláró kan ládùúgbò wa ló là mí lóye: aró tó jinná a máa pọ́n bí ewé tó fẹ́ wọ́, aṣọ a sì yọ jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Mo ra haidirọ́ọ̀sì tuntun, mo ri aṣọ tí mo dì náà sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ń sá a sí atẹ́gùn láàárín. Ó mú.

Aṣọ jẹ́ ₦8,500, àwọn èròjà ₦3,000, mo tà á ní ₦16,000. Èrè ₦4,500 fún alẹ́ mẹ́rin àti Sátidé kan. Bí mo bá ṣe mẹ́rin lóṣù, ₦18,000 ni, ọwọ́ mi kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo aláró tí mo bá pàdé ló ń ra aṣọ funfun ní yáàdì-yáàdì. Bí mo bá ń gba ìdì aṣọ lọ́dọ̀ yín ní Gbàgì, tí mo ń tà á fún wọn lálẹ́, ṣé èrè rẹ̀ á ju èyí lọ? Eélòó lẹ lè fi yáàdì kan fún mi? Bí ẹ bá mọ òmíràn tí kò ní gba ọ̀sán mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Mo ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ọmọ yín ní Òṣogbo.