Bí mo ṣe kọ síláìdì Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún lórí omi iyọ̀ àti ṣúgà

Iṣẹ́ tó wà níwájú mi ni síláìdì márùn-ún tí èèyàn máa ń fi ìka ta lórí fóònù, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lójú kan náà, tí yóò kọ́ òbí bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba kí iye ṣì, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú omi náà lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Kò sì gba kó gùn, torí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ kò ní jókòó ka àlàyé rẹpẹtẹ.

Mi ò kọ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó wá máa túmọ̀ rẹ̀. Bébà lásán ni mo kọ́kọ́ mú, mo sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta fún síláìdì kọ̀ọ̀kan: kí ni òbí máa ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán? Iye wo ni kò gbọdọ̀ ṣì? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe? Ìdáhùn yẹn ni mo gbé kalẹ̀ tí mo fi kọ Yorùbá, òun náà ni mo tún padà sí nígbà tí mo fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan kò jẹ́ ọmọ èkejì. Ìdáhùn orí bébà ló bí àwọn méjèèjì.

Ìdí tí mo fi ń ṣe é báyìí ni pé àkọlé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orúkọ, Yorùbá sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó bá ń túmọ̀ yóò rí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ nípa àmì àìsàn kan, yóò sì kọ “Àwọn àmì gbígbẹ omi ara nínú àwọn ọmọdé”. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ìyá kan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá kejì rí. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ojú ọmọ ti jìn, kò lókun mọ́. Nítorí náà, síláìdì karùn-ún, tó ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, wá rí báyìí:

```
Ojú ọmọ ti jìn, kò lókun láti mu omi?
Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí.

Sunken eyes, too weak to drink?
Go to a clinic now.
```

Ẹ wò ó pé Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ ọmọ rárá, Yorùbá sì dárúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì orí pátákó máa ń gé ọ̀rọ̀ báyìí, kò sì ń burú létí. Bí a bá gé Yorùbá bẹ́ẹ̀ tó di “Ojú jíjìn, àìlókun”, á dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ọsibítù. Kí gbólóhùn méjèèjì bára mu lọ́rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kọ́ ni mò ń wá. Ohun tó gbọdọ̀ bára mu ni iye, ẹni tó kàn, àkókò, àti ohun tí a ní kí wọ́n ṣe.

Síláìdì kejì gbà mí ní àkókò díẹ̀ péré. Ó ń sọ pé ORS, èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá, ló dára jù, àti pé èyí tí a pò nílé wà fún ìgbà tí ORS kò bá sí. Síláìdì kẹta, tó gbé ìwọ̀n, ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni kí omi ní síláìdì tirẹ̀, kí ṣúgà ní tirẹ̀, kí iyọ̀ náà ní tirẹ̀, kí iye sì tóbi gbàǹgbà láàárín ojú ìwé. Ó máa ń wu ojú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í fi gbogbo síláìdì ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan ni wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀, òun ni wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá gba àwòrán iyọ̀ nìkan, tí kò rí iye omi, lè pò ó sínú ife kan ṣoṣo. Bí síláìdì bá gbé ìwọ̀n tó lè pa èèyàn lára, gbogbo ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ wà lójú kan, bó ti wù kí ojú náà fún tó. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Wọ́n fún lóòótọ́, torí ìlà mẹ́ta ní èdè méjì jẹ́ ìlà mẹ́fà. Ètò ọ̀rọ̀ nínú àwọn èdè náà ló yọ mí. Nínú Yorùbá, iye máa ń tẹ̀ lé ohun tí a ń kà: lítà 1, ṣíbí 6. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iye ló ń ṣíwájú. Nítorí náà mo fi iye sáàárín, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń ka Yorùbá á ka ọ̀rọ̀ títí dé orí iye, á sì dúró. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ láti orí iye kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a kọ iye náà, nítorí náà kò sí bí ti èdè kan ṣe lè yàtọ̀ sí ti èkejì nígbà tí a bá ń ṣàtúnṣe.

```
Omi tó mọ́, lítà           1   litre of clean water
Ṣúgà, ṣíbí ìmutíì          6   level teaspoons of sugar
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì     ½   level teaspoon of salt

Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́ pẹrẹsẹ.
```

Ìlà iyọ̀ kò gbà fún ètò yìí, ẹ má sì fipá mú un. Nínú Yorùbá, ìdajì ló ń ṣíwájú ṣíbí, “ṣíbí ìdajì” kò dùn létí. Nítorí náà mo kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ lápá òsì, mo sì jẹ́ kí ½ dúró fún Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: lórí fóònù kékeré, ½ lè rí bálabàla lójú ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáká, ọ̀rọ̀ “ìdajì” kò sì lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìlà tó wà nísàlẹ̀ kò ní ìkejì nínú Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀rọ̀ kan tó wà níwájú ṣíbí nínú Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé orí ṣíbí gbọ́dọ̀ tẹ́. Nínú Yorùbá, bí mo bá fẹ́ fi í há àárín ṣúgà àti ṣíbí, ìlà náà á gùn dé èkejì. Ó sàn kó dá dúró bí àṣẹ. Apá Yorùbá wá gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Síláìdì kẹrin ni bí a ṣe ń fún ọmọ mu:

```
Ẹ máa fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀.
Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Give small sips with a spoon.
Vomiting? Wait 10 minutes, then go on slowly.
```

Nǹkan méjì ni mo máa ń yẹ̀ wò lórí irú síláìdì yìí. Èkíní ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀ sí ọmọdé, nítorí náà ẹni tó ń túmọ̀ máa ń gbàgbé, á kọ “Ẹ bu omi” lókè, á tún kọ “kí o tún bẹ̀rẹ̀” nísàlẹ̀. Òǹkàwé á rò pé ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀. “Ẹ” ni mo mú láti síláìdì kìíní dé ìkarùn-ún, mo sì wá gbogbo “o” tó bá ṣì yọ́ wọlé. Èkejì ni “ó”. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni ó gbà nínú Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ kí a yan ọ̀kan. Mo fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí pé à ń yan ẹnì kankan.

Wàrà ọmú tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, àti pé kí wọ́n da ìyókù omi náà nù lẹ́yìn wákàtí 24, kò rí àyè lórí síláìdì. Inú àkọsílẹ̀ abẹ́ àwòrán ni mo fi wọ́n sí, Yorùbá ṣáájú, Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e.

Nípa gígùn, mi ò fi iye ọ̀rọ̀ díwọ̀n. Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ kéékèèké, bí ó, ń, ti, fi, kí, nítorí náà gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lè kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ méje lọ. Ìlà ni mo ń kà. Ojú ìwé mi fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 1080, ó ga tó 1350. Mo fi 90 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi lẹ́tà tó tó 48 kọ èdè méjèèjì. Ìlà kan á gba nǹkan bíi lẹ́tà 35. Yàtọ̀ sí síláìdì kẹta tó gbé ìwọ̀n, ìlà mẹ́ta ni mo gbà fún Yorùbá, mẹ́ta fún Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni mo ń gé, mi ò ń dín lẹ́tà kù. Mi ò sì fi lẹ́tà kékeré kọ èdè kan nígbà tí èkejì tóbi. Àwọ̀ ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Níbi tí ìlà bá ti fẹ́ pín, mo máa ń fọwọ́ pín in fúnra mi, kí “kò” má ṣe dá wà ní ìparí ìlà kí ìṣe tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ìsàlẹ̀: ẹni tó ń kà kíákíá lè fo “kò” náà, ọ̀rọ̀ á sì yí padà.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lórí síláìdì. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ tó láti tún ara rẹ̀ ṣàlàyé níbẹ̀. “Bì” tí kò lámì lè di “bí” lójú òǹkàwé. Kí n tó yan fọ́ǹtì, ìlà yìí ni mo kọ́kọ́ tẹ̀:

```
Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ ń ǹ
```

Lẹ́tà bí ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. U+1ECD ni ọ, U+0301 ni àmì orí rẹ̀, fọ́ǹtì ló máa gbé èkejì sí orí èkíní. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó yá lẹ́tà fọ́ǹtì mìíràn, tí ọ̀kan á wá nípọn ju àwọn tó yí i ká. Noto Sans ń ṣe é dáadáa. Mo tún fi àlàfo ìlà sí 1.4, torí bí ìlà bá súnmọ́ra, àmì abẹ́ lẹ́tà tòkè á kan àmì orí lẹ́tà ìsàlẹ̀. Fún ìdí kan náà, mi ò fi lẹ́tà ńlá kọ odidi àkọlé.

Ìdánwò tó kù ni ti etí. Mo fi ọwọ́ bo Gẹ̀ẹ́sì, mo fún ẹni tí Yorùbá nìkan ló ń kà, mo ní kó kà á sókè, kó sì sọ ohun tó máa ṣe, pẹ̀lú iye. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Ibi tí òǹkàwé bá ti dúró, tó padà sẹ́yìn, tàbí tó fẹ́ ṣí ọwọ́ mi wo èdè kejì, ibẹ̀ ni mo tún kọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi PNG gbé wọn jáde, kí àwọn àmì kéékèèké má bàa dọ̀tí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú JPG, mo sì wo márààrún lórí fóònù kí n tó fi wọ́n síta.