Nígbà tí ìdajì nọ́ńbà àkáǹtì bá wà nínú àjákù

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí ìdajì nọ́ńbà àkáǹtì báńkì nínú àjákù ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà pé apá tó sọnù ti dáàbò bo ẹni tó ni ín. Bí nọ́ńbà oní-dígíìtì 10 bá ṣì fi 6 àkọ́kọ́ hàn, ìyókù kò lè ju oríṣi 10,000 lọ, èyí tí kọ̀ǹpútà lè tò tán kíákíá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àjákù mìíràn lè fi 4 tó gbẹ̀yìn hàn, pàápàá bí orúkọ kan náà bá wà lórí méjèèjì. Nítorí náà, kí ẹ tó pín ẹ̀dà àjákù náà fún ẹlòmíràn, ẹ fi X rọ́pò gbogbo dígíìtì àti orúkọ náà; àwọ̀ dúdú tí a kàn fi bò wọ́n nínú fáìlì kò tó, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ lè ṣì ṣeé dà kọ.