"Oúnjẹ wà ní ilé Àǹtí": bí mo ṣe pàdánù ₦15,000 lórí ọ̀rọ̀ kan

₦40,000 la jọ fẹnu kò sí fún iṣẹ́ ìtumọ̀ láti èdè Sípéènì sí Yorùbá. ₦25,000 ló tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyókù, wọ́n ní owó bọ́ọ̀sì ni, pé èmi ni mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà rìn lẹ́ẹ̀mejì. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mi ò lè sọ pé wọ́n purọ́ mọ́ mi.

Ọmọkùnrin ará Bódìjà kan ló fẹ́ ọmọ Sípéènì, ará Falẹ́ńsíà. Ìyá ìyàwó kọ ojú ewé mẹ́rin: lẹ́tà sí àwọn àna rẹ̀, àti ètò ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì fẹ́ jókòó jẹun pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó gbé e wá fún mi pé kí n sọ ọ́ di Yorùbá, kí àwọn àgbà ilé má baà máa wo ẹnu ọmọdé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé Sípéènì, nítorí náà mo gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba gúgúrú. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí kíkà, títẹ̀ àti fífi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ ìyẹn.

Kí n tó dé ibi tó dùn mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn díẹ̀. Sípéènì ní ọ̀rọ̀ méjì, *ser* àti *estar*, níbi tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ẹyọ kan. Nínú lẹ́tà, ìyá náà fi méjèèjì ṣeré: *Mi hija es lista, y ya está lista.* Ọ̀rọ̀ kan náà ni *lista* méjèèjì. Pẹ̀lú *ser*, ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà gbọ́n; pẹ̀lú *estar*, pé ó ti ṣetán. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ọmọ mi gbọ́n, ó sì ti múra tán." Kò sí *jẹ́* níbẹ̀, kò sí *wà* níbẹ̀. Yorùbá kò nílò wọn, torí pé *gbọ́n* dá dúró fúnra rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí mo bá kọ "ọmọ mi jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ó sì wà ní ìmúrasílẹ̀", ẹ ò ní rí ẹ̀bi níbẹ̀, àmọ́ yóò dà bí ìkéde orí rédíò. Bàbá ọkọ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n kà á. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ètò ọjọ́ kejì ló wá ba tèmi jẹ́. Gbólóhùn méjì tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀:

*La comida es en casa de la tía, a las dos. La tarta está en el salón.*

Mo kọ: "Oúnjẹ wà ní ilé Àǹtí, ní aago méjì. Kéèkì wà ní gbọ̀ngàn."

Ẹ tún un kà. Ṣé ẹ rí nǹkan kan tó burú? Èmi náà ò rí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kà á, kò rí i. Ilé Àǹtí wà ní Bódìjà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó lánàá wà ní Ṣálẹ́ńjì. Ìwé yìí ni wọ́n fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó ẹrù. Ó kà á pé oúnjẹ wà níbì kan, kéèkì wà níbòmíràn, nǹkan méjèèjì sì gbọ́dọ̀ pàdé. Níbo ni àga àti tábìlì wà? Ní gbọ̀ngàn. Ló bá dé Bódìjà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó kúlà ìrẹsì, kúlà ẹran àti agolo ọbẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ṣálẹ́ńjì. Nígbà tó fi máa di aago méjì, àwọn àna méjèèjì ti jókòó sí àgbàlá Àǹtí, wọ́n ń wo ara wọn. Oúnjẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, ó ń padà bọ̀. Aago mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣíbí kan ẹnu.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé oúnjẹ wà ní Bódìjà," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí fún mi lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí ibẹ̀ náà ló wà?"

"Ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ kó o!"

Kò sí èsì tí mo lè fọ̀.

Oru méjì ni mo fi wá ibi tí mo ti ṣìnà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà ni òfin tí olùkọ́ mi àkọ́kọ́ fi kọ́ wa: *ser* fún ohun tó máa wà títí, *estar* fún ohun tó máa kọjá lọ. Ẹ má gbà á gbọ́. Tí ẹnì kan bá kú, Sípéènì á ní *está muerto*, ikú kì í sì í ṣe ohun tó ń kọjá lọ. Falẹ́ńsíà kò ṣí kúrò lójú kan rí, síbẹ̀ *Valencia está en España* ni. Àpèjẹ wákàtí mẹ́ta péré ni oúnjẹ ọ̀sán yẹn, *es* ni ìyá náà sì lò fún un. Bí mo bá tẹ̀ lé òfin yẹn, ṣe ni ǹ bá sọ pé obìnrin náà ò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀.

Òfin kejì tí mo gbára lé ni èyí tí mo ṣe fúnra mi, òun ló sì pa mí lára jù. Mo ti rí i pé Yorùbá náà ń ya irú nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. "Dókítà ni" tàbí "ó jẹ́ dókítà" fún ohun tí èèyàn jẹ́. "Ó wà nílé" fún ibi tó wà. Mo wá sọ fún ara mi pé *ser* ni *ni* àti *jẹ́*, *estar* ni *wà*; tí mo bá sì rí *es* pẹ̀lú ibì kan, mo máa ń fi *wà* tún un ṣe, torí pé "oúnjẹ ni ní ilé Àǹtí" kì í ṣe Yorùbá. Ibi àtúnṣe yẹn gan-an ni ₦15,000 ti já bọ́.

*Comida* ní Sípéènì kì í ṣe oúnjẹ inú abọ́ nìkan. Òun náà ni orúkọ jíjókòó jẹun lọ́sàn-án, ní nǹkan bí aago méjì. Tí a bá ń sọ ibi tí nǹkan wà, ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn ń gba *estar*. Ohun tí àwọn èèyàn péjọ ṣe ń gba *ser*. *La comida está en casa de la tía* ni pé ìkòkò wà níbẹ̀. *La comida es en casa de la tía* ni pé ibẹ̀ la ti máa jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò: *el examen está en la mesa*, ìwé ìdánwò wà lórí tábìlì, *el examen es en el aula 3*, yàrá kẹta la ti máa ṣe é.

Mo mọ gbogbo èyí ní Sípéènì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Yorùbá náà ní in, kì í kàn án ṣe inú *wà* tàbí *jẹ́* ló fi sí. Àlejò kan tó sọnù lọ́jọ́ náà ló là mí lójú. Mo rántí ohun tó bi mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà? Níbo ni wọ́n ti ń jẹun gan-an?"

Ẹ gbọ́ *ti* yẹn. *Níbo lẹ wà*, kò sí *ti*. *Níbo ni wọ́n ti ń jẹun*, *ti* wọlé. Kò sí Yorùbá tó máa sọ pé "níbo lẹ ti wà" nígbà tó bá ń wá yín, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé "níbo ni wọ́n ń jẹun" láìfi *ti* sí i. *¿Dónde está?* ni "níbo ló wà?" *¿Dónde es?* ni "níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?" Láti kékeré ni mo ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ láìmọ̀, tí mo wá lọ ń fi *wà* bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbólóhùn náà wá di: "Ilé Àǹtí la ti máa jẹun ní aago méjì. Kéèkì wà ní gbọ̀ngàn." Kò sí awakọ̀ tó máa ka ìyẹn kó lọ kó kúlà kúrò níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ti di ọ̀rọ̀ ìṣe: *oúnjẹ* kúrò, *jẹun* dé. Tí ẹ bá fi ibi ṣíwájú, *ti* gbọ́dọ̀ jáde. Tí ẹ bá sọ pé "a máa jẹun ní ilé Àǹtí", *ti* lè jókòó sílé, ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ti tó.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i ṣáájú? Torí pé ojú ewé kan náà ní "ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú", etí wa sì gba ìyẹn. Ìpàdé ò ṣeé gbé sínú bọ́ọ̀sì. *Wà* tibẹ̀ yẹn, *hay* ni Sípéènì máa lò fún un, pé nǹkan náà ń bẹ. Ó ń kọjá láìpa ẹnikẹ́ni lára títí ó fi dé orí ọ̀rọ̀ bí oúnjẹ, tó ní ìwúwo.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí, tí ǹ bá ti ṣe nígbà náà, ni pé mo máa ń kọ́kọ́ fi "rárá" dán an wò. Mo sọ tèmi di òdì: "Oúnjẹ kò sí ní gbọ̀ngàn." Lẹ́yìn náà, tìyá náà, *La comida no es en el salón*: "Gbọ̀ngàn kọ́ la ti máa jẹun." Méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà rárá. *Wà* máa ń di *kò sí*, kò sì ṣeé fi bo nǹkan mọ́. Ká ní mo ṣe é fún ìṣẹ́jú kan, ǹ bá ti rí i pé ìkòkò ni mò ń sọ, obìnrin náà sì ń sọ àpèjẹ. Kò ṣiṣẹ́ fún àwọn bí *lista* o. Ìyẹn ní láti lọ bá ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀.

Mo tún gbogbo ojú ewé mẹ́rin yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, torí wọ́n fẹ́ dì í pa mọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí. *Es en* mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ tí mo ti fi *wà* pa. Ìyá ìyàwó fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti Falẹ́ńsíà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà dúpẹ́. Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá lẹ́bàá ọjà Bódìjà, mo gbọ́ tí ẹnì kan ké láti inú bọ́ọ̀sì: "Oúnjẹ-wà! Oúnjẹ-wà!" Mo bojú wẹ̀yìn, awakọ̀ yẹn ni. Ó ní kí n wọlé, òun ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà sọ ibi tí mò ń lọ ní kedere.