Oníbàárà wo ló wá jù lóṣù yìí? Èsì fún àwọn tó ń pè mí ní Kétu

Ẹ̀gbọ́n, fọ́múlà tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Èkó, #NOM? ni Excel ń kọ sí mi lójú.

Èdè Faransé ni Excel tiyín ń sọ. MATCH tiwọn ni EQUIV tiwa, IF tiwọn ni SI tiwa, ibi tí wọ́n bá sì fi kọ́mà sí, àmì ; ni tiwa. Tí orúkọ bá wà láti B2 dé B41, ẹ kọ èyí:

```
=INDEX(B2:B41;MODE(SI(B2:B41<>"";EQUIV(B2:B41;B2:B41;0))))
```

MODE kò mọ orúkọ kà, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. EQUIV ló ń fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìlà tó ti kọ́kọ́ jáde. MODE á mú nọ́ńbà tó pọ̀ jù, INDEX á sì dá a padà sí orúkọ. Tó bá jẹ́ Excel àtijọ́, ẹ má tẹ Entrée lásán: Ctrl+Maj+Entrée ni.

#N/A ló gbé jáde.

Kò sí orúkọ kankan tó wá lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kẹ́ ẹ ti yọ SI kúrò nígbà tí àpótí òfìfo wà láàárín. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó pè mí.

Orúkọ kan náà ni mo rí lójú, àmọ́ ẹ̀rọ ń kà á bí ẹni méjì.

Èyí ni mo bá jìjàkadì fún alẹ́ méjì. Ìyàwó mi ń ta gàrí, ó sì fẹ́ fún oníbàárà tó wá jù lóṣù ní kúlà kan. Ẹ̀rọ ní Iya Sakete ni, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, Iya Pobe náà wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fi ọwọ́ kà á: mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. NB.SI, tó ń ka iye ìgbà tí orúkọ kan jáde, ní mẹ́fà.

Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í da Excel láàmú, nítorí náà kì í ṣe ìyẹn. Mo lo SUPPRESPACE kó gbá àlàfo tó wà lẹ́yìn orúkọ dànù. Mẹ́fà náà ni. Mo fi NBCAR ka lẹ́tà, mo rò pé ọwọ́ á tẹ ọ̀daràn. Mẹ́jọ ló wà níbí, mẹ́jọ ló wà lọ́hùn-ún. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ sùn.

Lálẹ́ kejì ni mo rántí pé ìlà mẹ́ta yẹn, inú ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo ti dà wọ́n kọ, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ wọ́n. Mo wá bi ẹ̀rọ pé kí ni lẹ́tà kẹrin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín Iya àti Pobe:

```
=CODE(STXT(B14;4;1))
```

Ó ní 160. Nínú ìlà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, 32 ló sọ. Àlàfo tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì pínyà ni 160 yẹn. Ojú kò rí ìyàtọ̀ rẹ̀, gígùn orúkọ kò yí padà, SUPPRESPACE kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣe òpó tuntun, kẹ́ ẹ kọ:

```
=SUPPRESPACE(SUBSTITUE(B2;CAR(160);" "))
```

Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ fi Collage spécial, Valeurs, lé orúkọ àtijọ́ lórí.

Ẹni méjì dọ́gba, ta ni mo máa mú?

Ohun tó kàn mí náà nìyẹn. Iya Pobe di mẹ́sàn-án, síbẹ̀ Iya Sakete ni fọ́múlà ń pè, torí pé orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde lókè. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí MODE ṣe ń ṣe nìyẹn, kì í sì í sọ fún yín pé ẹnì kan wà tó bá a dọ́gba. Ìyàwó mi ní ẹni tó náwó jù ni kó gbà á. Owó wà ní òpó C, mo wá kọ èyí sí D2, mo sì fà á dé D41:

```
=SI(B2="";0;NB.SI(B$2:B$41;B2)+SOMME.SI(B$2:B$41;B2;C$2:C$41)/10^9)
```

Iye ìgbà ló wà ṣáájú kọ́mà, owó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Iya Pobe ná 121 500 fránkì, ó gba 9,0001215. Iya Sakete ná 108 000, ó gba 9,000108. Ẹ fẹ òpó náà kó lè hàn. Owó kò lè gba iwájú iye ìgbà, àyàfi tí oníbàárà kan bá ná tó bílíọ̀nù kan fránkì, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì wá ra gàrí lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà:

```
=INDEX(B2:B41;EQUIV(MAX(D2:D41);D2:D41;0))
```

Tí owó náà bá tún dọ́gba ńkọ́?

Ẹni tó wà lókè ni EQUIV á mú. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti so àwọn àpótí pọ̀ mọ́ra nínú òpó orúkọ, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá, mi ò lè tún un ṣe lórí fóònù.