Ráútà méjì nínú ilé kan: ohun tó ń ba fídíò kọ́ọ̀lù àti géèmù yín jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè òkun, àpótí tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì gbé fún yín yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní módẹ́ẹ̀mù, ráútà lòun náà sábà máa ń jẹ́. Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo dé, Wáífáì ẹ̀ ò dé yàrá mi, ni mo bá lọ ra ráútà tèmi, mo so ó mọ́ àpótí yẹn lẹ́yìn. Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi fa wàhálà nìyẹn.

Ráútà ilé sábà máa ń fi àdírẹ́sì tiẹ̀ bo ti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni NAT. Tí ráútà bá wá di méjì, ìbòrí di méjì. Ohun tí ẹ bá fúnra yín bèèrè máa wọlé wẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí fíìmù àti wẹ́bsáìtì fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ tí fóònù ẹlòmíì bá fẹ́ kàn sí tiyín tààrà, ẹnu àpótí àkọ́kọ́ ló máa dúró sí, kò mọ ẹni tí àlejò yìí ń wá, á sì lé e dànù. Tèmi, àbúrò mi á pè, á dún, màá gbé e, a ò ní gbọ́ra wa. Tá a bá pè bí ẹgbẹ́, ó ń lọ geerege, torí sáfà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù náà ni ìyẹn ń gbà kọjá. Xbox ló tú àṣírí ẹ̀, ó kọ `Double NAT Detected`.

Ẹ ṣí ojú ìwé ráútà tiyín, ẹ wá `WAN IP`, ìyẹn àdírẹ́sì tí ráútà yín gbà láti ìta. Tó bá fi 192.168 tàbí 10 bẹ̀rẹ̀, tàbí 172.16 dé 172.31, ráútà míì wà níwájú ẹ̀. Tèmi jẹ́ 192.168.1.14. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ èyí:

```
tracert -d -h 3 8.8.8.8
```

Ìlà kìíní gbé 192.168.50.1 jáde, ráútà mi nìyẹn, ìkejì gbé 192.168.1.1. Mo tẹ ìkejì yẹn sínú bíráúsà, ojú ìwé àpótí wọn ló ṣí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń lo 10 nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn, ìlà kejì nìkan ò tó ẹ̀rí.

Tó bá jẹ́ 100.64 dé 100.127 lẹ rí níbi `WAN IP`, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìbòrí kejì wà, kò sóhun tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nílé tó máa yí i padà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n fún yín ní àdírẹ́sì IP tìta, àwọn kan máa ń gbowó ẹ̀.

Tèmi, mo kàn yí ráútà mi sí `Access Point` ni, kó máa pín Wáífáì nìkan, kó má ṣe NAT mọ́. `Bridge` lórí àpótí wọn, tó máa pa NAT tiẹ̀, náà máa ṣe é, àmọ́ fóònù ilé wa ń gba ibẹ̀, mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Fóònù mi wá gba 192.168.1.23, mo tan `UPnP` lórí àpótí, kí Xbox lè fúnra ẹ̀ ní kó ṣílẹ̀kùn fún òun, mo tún Xbox yẹ̀ wò, NAT ẹ̀ ti di `Open`.